Ìwọ́de Ara Olúwa lójú Títì: Lẹ́tà tí Mérì Dá Padà

Bí Ọdún Ara Olúwa bá ti ń sún mọ́lé, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ lẹ́yìn Mísà ni ọ̀rọ̀ aṣọ tí àwọn ọmọdébìnrin tí ń da òdòdó yóò wọ̀, àti ilé ẹni tí a óò tẹ́ pẹpẹ ìdúró sí. Lẹ́yìn èyí ni ó ń kan àwọn onílù. Lẹ́tà tí a óò kọ sí Mérì ni ó máa ń kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nígbà tí ọdún ti ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ìjọ kan wà ní etí ìlú Àjàṣẹ́ tí wọ́n dá lẹ́tà tiwọn padà ní ọdún tó kọjá. A lọ jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ wọn, wọ́n fi ìwé náà hàn wá, wọ́n sì gbà kí a sọ ọ́ fún yín láìdárúkọ ìjọ. Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Wọ́n kí Olórí Mérì dáadáa, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ìwọ́de Ara Olúwa ní àdúgbò àwọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ṣe ìlérí pé àwọn ènìyàn àwọn yóò hùwà pẹ̀lẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ìwé náà ni akọ̀wé Mérì fi bíìkì pupa kọ ìbéèrè mẹ́rin sí: Ọ̀nà wo ni ẹ óò gbà? Ènìyàn mélòó? Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ óò fi di oríta títì ọ̀dà? Ta ni a óò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bínú. Wọ́n ní láyé àwọn bàbá àwọn, a kì í tọrọ àyè kí a tó gbé Olúwa rìn. Wọ́n tún ní òfin wà lẹ́yìn àwọn. Òótọ́ ni pé òfin wà: abala 25 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990 dárúkọ ìwọ́de pẹ̀lú ìpàdé àti ẹgbẹ́ kíkó gẹ́gẹ́ bí òmìnira tí Ìjọba mọ̀ tí ó sì dáàbò bò. Ṣùgbọ́n abala kan náà ni ó sọ pé lábẹ́ ìlànà tí òfin là sílẹ̀ ni. Títì kì í ṣe tiwa nìkan. Obìnrin tí ń rọbí lórí ọ̀kadà ní ẹ̀tọ́ sí oríta náà bí àwa. Ìbéèrè kẹta tí akọ̀wé yẹn kọ, obìnrin náà ni ó ń béèrè fún, àwa sì rò pé òun ni ó ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ bí ìwé ṣe ń rìn. Faransé ni a máa ń kọ ọ́, sí Olórí Mérì, nítorí òun ni òfin fún ní àṣẹ lórí ètò ojú títì nínú ìlú rẹ̀. A ó kọ ẹ̀dà kan sí kọmisáríà ọlọ́pàá tí ó ni àdúgbò, a ó sì kọ òmíràn sí olórí arọ́ndísímà wa. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀, àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé kí a mú ìwé lọ fún àwọn ṣàndáámù. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti pa àwọn ṣàndáámù àti ọlọ́pàá pọ̀ di iṣẹ́ kan ṣoṣo, kọmisáríà ni ẹ óò lọ báyìí.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹni tí ń mú ìwé lọ sí Mérì mú dání. Wọn yóò gba ọ̀kan, wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń gba lẹ́tà, wọn yóò sì lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà sórí èkejì, kí ó lè mú un padà wálé. Òǹtẹ̀ yẹn ni a fi ń tọpa ìwé. Bí ẹ bá lọ béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan láìmọ nọ́ńbà, ẹni tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà yóò ní kí ẹ padà wá. Bí ẹ bá dárúkọ nọ́ńbà, yóò ṣí ìwé, yóò sì sọ tábìlì tí lẹ́tà yín wà fún yín. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, nítorí ó ní láti ti ọwọ́ akọ̀wé dé ọwọ́ olórí, kí ó lọ sí kọmisáríà fún ìmọ̀ràn, kí ó tó padà. Ẹ má sì ka ìdákẹ́jẹ́ sí àṣẹ. Bí ìdáhùn kò bá dé ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìwọ́de, kí ènìyàn méjì fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ.

Ìjọ tí a ń wí yìí ṣì ní ọjọ́ 18 lọ́wọ́ nígbà tí ìwé wọn padà. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kóléèjì wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Òun ni ó gba ìbéèrè pupa mẹ́rin yẹn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà.

Kìlómítà 2 ni gbogbo ọ̀nà, láti ilé ìjọsìn títí tí yóò fi yí padà dé ilé ìjọsìn. Ènìyàn 600 ni wọ́n máa ń tó. Bí wọ́n bá to mẹ́rin-mẹ́rin, ìlà 150 ni. Bí ìlà kan bá fi mítà kan àti ààbọ̀ jìnnà sí èkejì, láti àgbélébùú iwájú títí dé ẹni ìkẹyìn jẹ́ mítà 225. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ̀lé ìwọ́de rí mọ̀ pé ìlà kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kan yóò dúró tún gèlè ṣe, ọmọ kan yóò tú bàtà, àlàfo yóò sì là. Tíṣà náà fi ìdajì lé e, ó pè é ní mítà 340. Ìwọ́de tí ń kọrin kì í rìn ju mítà 42 lọ ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó jẹ́ kìlómítà 2 àti ààbọ̀ ní wákàtí. Nítorí náà, láti ìgbà tí àgbélébùú bá wọ oríta kan títí tí ẹni ìkẹyìn yóò fi kúrò níbẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 8. Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ ṣe tirẹ̀, gígùn ìrù ìwọ́de ni kí ó wá, kí ó pín in sí 42. Púpọ̀ nínú wa máa ń ro iye àkókò tí gbogbo ìwọ́de yóò gbà, a kì í ro ìrù rẹ̀. Ìrù ni ó sì ń di títì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Oríta ọ̀dà náà wà ní mítà 800 sí ilé ìjọsìn. Pẹpẹ ìdúró méjì ni wọ́n ní, ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n sì ń lò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìwé kíkà, orin àti ìbùkún. Èkíní wà ní mítà 500. Èkejì wà ní mítà 1,000, ní iwájú ilé bàbá kan tí ó ti ń tẹ́ pẹpẹ fún Olúwa kí ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ tó gba Ìrìbọmi. Ní ọdọọdún ni ó ń kun ògiri ilé rẹ̀ ní ẹfun nítorí ọjọ́ kan yẹn.

Ẹ wò ó báyìí. Bí àgbélébùú bá dúró ní mítà 1,000, tí ìrù sì jẹ́ mítà 340, ẹni ìkẹyìn wà ní mítà 660. Ara ìwọ́de dùbúlẹ̀ sórí oríta mítà 800 gbọọrọ, gbogbo ènìyàn kúnlẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè dìde. Ìṣẹ́jú 8 tí a kọ sínú ìwé yóò di 18. Àwọn ọkọ̀ yóò tò, àwọn sẹ́mìjáǹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá àlàfo láàárín àwọn tí ó kúnlẹ̀, kì í ṣe nítorí pé wọn kò bẹ̀rù Ọlọ́run, bí kò ṣe pé wọ́n ti dúró pẹ́ jù, kò sì sí ẹni tí ó sọ ìgbà tí yóò tán fún wọn. Ìgbìmọ̀ náà jẹ́wọ́ fún wa pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọdọọdún gan-an nìyẹn, tí àwọn ń pè ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọlọ́kadà.

Òfin tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò le: pẹpẹ ìdúró gbọ́dọ̀ wà ṣáájú oríta, tàbí kí ó fi ju gígùn ìrù lọ kọjá oríta. Ti mítà 500 dára. Èkejì ní láti kọjá mítà 1,140. Ibi tí ó yẹ wà ní mítà 1,400, lábẹ́ igi máńgòrò, ní iwájú ilé ìdílé mìíràn. Ta ni yóò wá sọ fún bàbá? Wọ́n rán kátíkísì àti obìnrin méjì nínú àwọn ìyá ìjọ. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni wọ́n fi bá a sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì ni tíṣà fa ìlà sílẹ̀ nínú iyanrìn àgbàlá rẹ̀, ó to èkùrọ́ lé e lórí, ó sì fi òkúta ṣe oríta. Bàbá wo ó pẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé gbogbo ọdún wọ̀nyí ni èmi ti ń dá ọkọ̀ dúró?” Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní aṣọ pẹpẹ òun ni kí wọ́n tẹ́ lábẹ́ máńgòrò. Àwa kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi kọ̀ fún un, àwọn náà kò sì kọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tò ó sínú lẹ́tà tuntun. A tú u sí èdè wa fún yín, a sì yọ orúkọ kúrò:

“Sí Olórí Mérì. A fi ọ̀wọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún àyè láti ṣe ìwọ́de ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi Ọdún Ara Olúwa, láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ títí di aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 15. Bí ènìyàn 600 ni a retí, ìdá mẹ́ta wọn jẹ́ ọmọdé. Àwòrán ọ̀nà wà pẹ̀lú ìwé yìí. Apá ọ̀tún títì nìkan ni a óò gbà. A óò dúró ní ibi méjì tí a fi àmì sí, ìṣẹ́jú 10 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A bẹ̀bẹ̀ kí ẹ pàṣẹ pé kí a dá ọkọ̀ dúró ní oríta ọ̀dà láti aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 25 sí ìṣẹ́jú 40, kí ọlọ́pàá méjì sì wà níbẹ̀. Ènìyàn 24 tí ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ òféfèé yóò tọ́jú ìlà. Àwọn Àgbélébùú Pupa yóò tẹ̀lé wa lẹ́yìn. Bí òjò bá rọ̀, inú ilé ìjọsìn ni a óò ti ṣe é, a ó sì pe kọmisáríà ṣáájú aago 3. Àwọn mẹ́ta tí ó fọwọ́ sí ìwé yìí ni ẹ lè pè, nọ́ńbà wọn nìyí.”

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìṣirò àkókò náà wò, nítorí ẹni tí yóò kà á ní kọmisáríà yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Mítà 800 jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú 19, ìdúró àkọ́kọ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 10, nítorí náà àgbélébùú yóò wọ oríta ní aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 29. Ẹni ìkẹyìn yóò kúrò níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú 37. Wọ́n béèrè ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú àti díẹ̀ lẹ́yìn. Ìdí tí wọ́n fi béèrè ọlọ́pàá ni pé àwọn ọmọ ìjọ tí ń tọ́jú ìlà kò ní àṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró. Ọmọkùnrin tí ó na ọwọ́ sí awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù nítorí pé ó wọ ẹ̀wù òféfèé ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni àwọn tiwa: kí ìlà má là, kí ọmọdé má bọ́ sí apá òsì títì, kí ẹni tí ó rẹ̀ rí ibi jókòó. Wọ́n pín àwọn 24 náà báyìí: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn pátápátá tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn wọn, 12 ní ẹ̀gbẹ́ òsì níbi tí ọkọ̀ ti ń kọjá, mẹ́rin ní oríta, mẹ́rin ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yìí ni ènìyàn máa ń gbàgbé, nítorí a rò pé a ti délé. Ẹnu ọ̀nà wọn fẹ̀ ní mítà 3, ilẹ̀kùn irin méjì ni ó ní, ọ̀kan ni wọ́n sì máa ń ṣí nítorí pé ìdè èkejì ti dógùn-ún. Ìwé ìlànà tí wọ́n ń lò fún pápá ìṣeré ní Bìrìtéènì sọ pé lórí ilẹ̀ títẹ́, ènìyàn 82 ni ó lè gba mítà kan kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ti àwọn géńdé ni èyí. Pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà, ọmọ ẹ̀yìn àti ìlù, ẹ fi 40 ṣe é. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo yóò gba ènìyàn 60 ní ìṣẹ́jú. Ìwọ́de wọn sì ń kó ènìyàn 75 wá ní ìṣẹ́jú, nítorí 600 ní ìṣẹ́jú 8 ni. Èyí ni pé ènìyàn 15 ń kù síta ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, títí tí 120 yóò fi kún ẹnu ọ̀nà, tí gbogbo wọn ń fẹ́ wọlé kí ìbùkún ìkẹyìn tó kọjá. Ilẹ̀kùn méjèèjì yóò gba 120 ní ìṣẹ́jú, kò sì ní sí ìdúró kankan. Ìgò epo kékeré kan àti òòlù ni wọ́n fi yanjú rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, ní Ìbàdàn, ọmọ 35 ni ó kú nínú ìfúnpọ̀ níbi ayẹyẹ ọdún tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ayọ̀ ni wọ́n wá gbà. Àmì tí ẹ óò fi mọ̀ pé ó ti ń burú ni pé ènìyàn kò lè gbé ọwọ́ dé ojú ara rẹ̀ mọ́, tàbí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn láìṣe pé ó fẹ́. Ní àkókò yẹn, kì í ṣe àwọn tí ó wà níwájú ni a ń bá sọ̀rọ̀, nítorí wọn kò lè ṣe nǹkan kan. Àwọn ẹ̀yìn ni a ń dá dúró. Nítorí èyí ni méjì nínú àwọn mẹ́rin tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà fi dúró ní 30 mítà síta, pẹ̀lú fèrè.

Ọ̀nà fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rìn ín wò. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n ka gọ́tà tí kò ní ìdérí, mẹ́ta ni, wọ́n sì tọrọ pákó láti dé e. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé wọ́n tún rìn ín, wọ́n sì bá àgọ́ òkú kan tí wọ́n ti gbé dí ìdajì títì ní nǹkan bíi mítà 1,700. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àjàṣẹ́ mọ̀ pé bí a bá ta àgọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ó lè wà níbẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Wọ́n kí àwọn olóòkú, wọ́n bá wọn kẹ́dùn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ká ẹ̀gbẹ́ kan sókè fún ìṣẹ́jú 10 péré. Àwọn olóòkú gbà, wọ́n tilẹ̀ dìde dúró nígbà tí Olúwa ń kọjá.

Ohun kan kù tí ó kan àwọn ìjọ tí ń ṣe ìwọ́de alẹ́ pẹ̀lú àbẹ́là. Tábìlì epo inú ìgò, tí a ń pè ní payò, wà lẹ́bàá títì wa níbi púpọ̀. Oru epo bẹntiróòlù ni ó ń gbiná kí epo fúnra rẹ̀ tó gbiná, oru náà sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń fà lọ sí, títí wọ inú gọ́tà. Ní Sèmè-Kraké, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2023, iná tí ó sọ ní ibi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí pa ènìyàn tí ó ju 30 lọ. Bí ọ̀nà yín bá ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀, ẹ bá ẹni tí ó ni ín sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú kí ó kó o wọlé fún wákàtí kan. Bí ó bá kọ̀, ẹ gba apá kejì títì, ẹ sì kọ ìyípadà náà ránṣẹ́ sí kọmisáríà, nítorí ọ̀nà tí ó wà nínú ìwé àṣẹ nìkan ni wọ́n gbà fún yín. Àtùpà oníbátìrì kò tó àbẹ́là lójú, ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ àwa yóò fara mọ́ ọn.

Àṣẹ ìjọ yẹn dé ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ọdún, pẹ̀lú òǹtẹ̀ Mérì àti wákàtí oríta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, òjò kò rọ̀. Àgbélébùú wọ oríta ní aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 33, ẹni ìkẹyìn sì kúrò níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú 42, ìṣẹ́jú méjì lé lórí èyí tí wọ́n tọrọ. Àwọn ọlọ́pàá dúró dè wọ́n. Tíṣà ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀dà tí ó ní òǹtẹ̀ pé ní ọdún tí ń bọ̀ kí wọ́n tọrọ ìṣẹ́jú 20, nítorí orin kejì ní pẹpẹ àkọ́kọ́ gùn ju bí wọ́n ti rò lọ, ẹgbẹ́ akọrin sì ti sọ pé àwọn kò ní gé ẹsẹ kankan kúrò nínú rẹ̀.